Bí a ṣe ń da nọ́mbà gígùn kọ láìsí àṣìṣe, lórí fọ́ọ̀mù, pósítà àti rìsíìtì

0827728330006153

Ẹ mú bírò, kí ẹ da nọ́mbà yẹn kọ sórí bébà kan kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Èmi ni mo hun ún fún àlàyé yìí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá kọ ọ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ ọ́, ojú yín á ti sọnù lẹ́ẹ̀kan níbi tí 7 méjì ti tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ ó tún ti dúró níbi àwọn òdo, kí ẹ bi ara yín bóyá méjì ni tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ẹ parí, ẹ sáré wo èyí tí ẹ kọ, ó jọ tòótọ́, ẹ gbé bírò sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń yọ́ wọlé. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nǹkan kì í ka ohun tó wà lórí bébà mọ́. Ohun tó rò pé òun kọ ló ń kà. Mo ti yí 72 padà sí 27 lórí pósítà kan rí, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Onínọ́mbà kejì, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, ló ń gba ìpè fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Nínú àlàyé yìí, bí mo bá sọ pé "òǹkà", ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 9 ni mo ní lọ́kàn. "Nọ́mbà" ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá orísun nọ́mbà náà gan-an: káàdì, ìwé tàbí ojú fóònù tó ti kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe èyí tí ẹnìkan ti dà kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ tún wá bírò kan, bébà kan tí etí rẹ̀ gún dáadáa, àti ẹnì kejì tó lè gbọ́ yín fún ìṣẹ́jú méjì. Bí kò bá sí ẹnì kejì, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí nọ́mbà náà lè kúrò lọ́kàn yín.

Ìpele 1: Ẹ ka iye òǹkà kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Ẹ fi orí bírò tọ́ka sí òǹkà kọ̀ọ̀kan lórí orísun, kí ẹ kà wọ́n láti ọ̀kan lọ. Ẹ kọ iye náà sí igun bébà, kí ẹ fa òbìrí yí i ká. Tiwa jẹ́ 16.

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn ń fò jù, bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan ló ń mú òǹkà tó já bọ́. Òǹkà tó já bọ́ sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jọra tó sì tẹ̀ léra, bí 000 tàbí 77, torí náà àyè rẹ̀ kì í ṣófo lójú ẹni tó kọ ọ́. Kíkà nìkan ló ń tú u fó.

Bí ẹ bá mọ iye tó yẹ kí irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ ní, ẹ fi wé e. Nọ́mbà IMEI tó ń dá fóònù mọ̀ ní òǹkà 15, nọ́mbà ISBN tó wà lẹ́yìn ìwé tuntun ní 13, ọ̀pọ̀ káàdì báǹkì ní 16. Mo ní "ọ̀pọ̀" torí pé àwọn káàdì mìíràn wà tó jẹ́ 15, àwọn kan sì gùn ju 16 lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tún kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ má tíì kọ nǹkan kan.

Ìpele 2: Ẹ dì í ní ìdì

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí ẹ bi ara yín ni bóyá nọ́mbà yìí ń *ka* nǹkan ni tàbí ó kàn ń *dárúkọ* nǹkan. Owó ń ka nǹkan. Nọ́mbà àkáǹtì, nọ́mbà fóònù àti nọ́mbà rìsíìtì ń dárúkọ ni. Bí orúkọ ni wọ́n rí, kò sẹ́ni tó ń rò wọ́n pọ̀.

Owó, láti apá ọ̀tún ni a ti ń dì í, ní mẹ́ta-mẹ́ta: 1250400 á di 1,250,400. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, torí ìdì tó bá kù díẹ̀ káàtó gbọ́dọ̀ bọ́ sí iwájú.

Èyí tó ń dárúkọ, láti apá òsì ni a ti ń dì í, àlàfo la sì ń fi sáàárín, kì í ṣe kọ́mà. Kọ́mà á sọ ọ́ di owó lójú ẹni tó ń kà á. Àmì ìdánudúró náà kò dára, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè wà tó ń fi í ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn mìíràn sì ń fi í ya ìdá. Nọ́mbà wa á di:

0827 7283 3000 6153

Mẹ́rin-mẹ́rin bá nọ́mbà olóǹkà 16 mu, torí kò ní ṣẹ́kù. Fún 10, ẹ lè dì í ní 3 3 4. Fún 11, 4 3 4. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ fi òǹkà kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ òrukàn. Ìyẹn ló ń tètè já bọ́.

Bí orísun bá ti ní ìdì tirẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe rí. Bí káàdì bá pín in ní mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ̀yin wá pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta sórí bébà, ẹ ò ní lè gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yẹ̀ wò mọ́. Gbogbo ìdì á máa bẹ̀rẹ̀ níbi tó yàtọ̀. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tó ń pín nọ́mbà lọ́nà tirẹ̀ tí kò bá ti ìwé tó jáde mu. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dà á sórí bébà gẹ́gẹ́ bí orísun ṣe pín in, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, kí ẹ tó gbé e lọ sórí fọ́ọ̀mù.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹnu ààlà. Ẹ wo nọ́mbà wa: ìdì kìíní parí pẹ̀lú 7, ìdì kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7. Ìdì kejì parí pẹ̀lú 3, ìkẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3. Nígbà tí ojú bá kúrò lórí bébà tó padà sí orísun, á rí 7, á rò pé òun ti kọ èyí, á sì bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ irú òǹkà méjì bẹ́ẹ̀ sí igun bébà yín, kí ẹ fa ìlà kékeré sábẹ́ wọn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́mbà náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ro iye òǹkà tó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan pọ̀. 4 àti 4 àti 4 àti 4 jẹ́ 16, ó bá ti inú òbìrí mu.

Ìpele 3: Ẹ kọ ọ́ ní ìdì kọ̀ọ̀kan

Ẹ gbé etí bébà lé orísun kí ìdì kan ṣoṣo hàn. Ẹ wò ó, ẹ pe òǹkà inú rẹ̀ jáde lẹ́nu, ẹ kọ ọ́, kí ẹ tó ṣí ìkejì. Pípè é jáde kì í ṣe eré. Ẹnu yín á gbọ́ bí òdo ṣe pọ̀ tó nínú 3000, ojú nìkan kò dá a mọ̀ dáadáa.

Ní ti ọwọ́ ìkọ̀wé, òǹkà díẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. 1 tí ẹ fi ìrù gígùn sí lórí á di 7; bí ẹ bá fẹ́ràn ìrù, ẹ fa ìlà kékeré la àárín 7 já kí wọ́n yàtọ̀. 4 tí orí rẹ̀ pa dé á di 9. 0 tí kò pa dé dáadáa á di 6. 5 tí òrùlé rẹ̀ yà kúrò á dà bí lẹ́tà S.

Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ má tún òǹkà kan ṣe lórí èkejì. 3 tí ẹ sọ di 8 pẹ̀lú bírò, ẹni tó ń gbà á wọlé ní ọ́fíìsì ló máa pinnu èyí tó jẹ́, ó sì lè má béèrè. Ẹ fa igi la gbogbo nọ́mbà náà, kí ẹ kọ òmíràn látìbẹ̀rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù kò bá gba ìfagilé, ẹ gba fọ́ọ̀mù tuntun.

Fọ́ọ̀mù tó ní àpótí fún òǹkà kọ̀ọ̀kan ń bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àpótí kan bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ kọ tán, ẹ má sáré fi òdo dí i. Ó lè jẹ́ pé òǹkà kan ti bọ́ ni. Ẹ padà sí orísun. Fọ́ọ̀mù orí ẹ̀rọ tí kò gba àlàfo ńkọ́? Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìdì kan, ẹ dúró, ẹ tẹ ìdì kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàfo kò hàn. Ìdúró yẹn ni àlàfo yín.

Tí ẹ bá ń tọ́jú nọ́mbà sínú Excel, ohun kan wà tó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Excel máa ń rò pé owó tàbí iye ni. Á gbé òdo iwájú nọ́mbà wa sọnù, á sì fi èyí tó kù hàn bíi `8.27728E+14`. Bó bá jẹ́ nọ́mbà olóǹkà 16 tí kò fi òdo bẹ̀rẹ̀, Excel kì í tọ́jú ju òǹkà 15 lọ, òǹkà ìkẹyìn á di 0 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yan `Text` fún òpó náà *kí ẹ tó* tẹ nọ́mbà sí i. Bí ẹ bá yí i padà lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, òǹkà tó ti lọ ti lọ nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka iye òǹkà lórí èyí tí ẹ kọ. Ẹ má wo orísun rárá nígbà tí ẹ bá ń kà á.

Ìpele 4: Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló ń pè é fún yín

Èyí ló ṣòro jù lọ ní èdè wa, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Eéjì, eéje, ẹẹ́jọ. Ẹ pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fóònù tí kò dún dáadáa, ẹ ó rí i pé ìparí ọ̀rọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀ jù lọ, ìparí ọ̀rọ̀ sì ni ariwo máa ń gbé mì. Nọ́mbà wa tí 8, 2, 7, 7, 2, 8 tẹ̀ léra nínú rẹ̀, ìdẹkùn ni fún ẹni tó ń gbọ́. Àwọn tó ń pe nọ́mbà ní gbogbo ọjọ́ máa ń sá sí wán, tú, trí nítorí èyí, kò sì burú: tú, sẹ́fùn àti éètì kò jọra rárá. Ohun tó burú ni kí wọ́n da èdè méjèèjì pọ̀ láàárín ìdì kan. Ẹ bá ẹni náà fi ẹnu kò lórí ọ̀kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdẹkùn kejì ni pípe òǹkà méjì bí iye kan. Bí ẹnìkan bá pe 83 ní mẹ́tàlélọ́gọ́rin, mẹ́ta ni etí kọ́kọ́ gbọ́, ọwọ́ á sì ti kọ 3 kí ọgọ́rin tó dé. Ó di 38. Bí 61 ṣe ń di 16 náà nìyẹn. 27 tiẹ̀ burú jù: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, kò sí eéjì tàbí eéje nínú ohun tí ẹ gbọ́, ẹ gbọ́dọ̀ yọ mẹ́ta kúrò nínú ọgbọ̀n kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa kọ, nígbà tí ẹni náà ti ń pe ìdì tó kàn. Ẹ ní kó pe òǹkà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kó má pe "dọ́bù sẹ́fùn" náà. Ẹlòmíràn ń gbọ́ 7 kan ṣoṣo níbẹ̀. "Sẹ́fùn, sẹ́fùn" kò gba àkókò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìró tó ń lọ báyìí ló dára:

"Òdo, ẹẹ́jọ, eéjì, eéje."
"Òdo, ẹẹ́jọ, eéjì, eéje. Ẹ máa bọ̀."
"Eéje, eéjì, ẹẹ́jọ, ẹẹ́ta."
"Eéje, eéjì, eéje, ẹẹ́ta."
"Rárá o. Ẹẹ́jọ ni ìkẹta. Ẹni mẹ́jọ."

Ẹ rí ohun tí olùpè ṣe níbẹ̀. Kò kàn tún un pè kíkankíkan. Ó sọ ipò òǹkà náà nínú ìdì, ó sì gbé e sínú ọ̀rọ̀ mìíràn kí ìparí rẹ̀ lè hàn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn ìdì ìkẹyìn, *ẹ̀yin* tí ẹ kọ ọ́ ni kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ padà látorí bébà, kí olùpè máa wo orísun. Bí olùpè bá tún un pè tí ẹ̀yin ń wo ohun tí ẹ kọ, etí yín á kàn máa gbà pẹ̀lú ojú yín ni.

Ìpele 5: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀nà tí ẹ kò gbà kọ ọ́

Bí ẹ bá tún gba ọ̀nà tí ẹ gbà kọ ọ́, ẹ ó tún ṣubú síbi tí ẹ ti ṣubú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdì ìkẹyìn wá sí ti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ka òǹkà inú ìdì láti ọ̀tún sí òsì: 3, 5, 1, 6. Nọ́mbà náà á di àjèjì lójú yín, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní tòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn nọ́mbà kan wà tó gbé ìdánwò tiwọn dání. Nọ́mbà káàdì báǹkì àti IMEI ń tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n ń pè ní ti Luhn: wọ́n yan òǹkà ìkẹyìn kí àpapọ̀ kan lè parí sí 0. Mo fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ parí nọ́mbà wa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ẹ fi òǹkà ìkẹyìn sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ sọ èyí tó tẹ̀ lé e di ìlọ́po méjì, ẹ fi èyí tó tún tẹ̀ lé e sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé iwájú. Bí ìlọ́po bá ju 9 lọ, ẹ yọ 9 kúrò.

```
0 8 2 7   7 2 8 3   3 0 0 0   6 1 5 3
0 8 4 7   5 2 7 3   6 0 0 0   3 1 1 3
  19        17         6         8
```

19 àti 17 àti 6 àti 8 jẹ́ 50. Ó parí sí 0, ó yege. Ká ní a ṣì í kọ ní 1653 lẹ́yìn, ìdì yẹn á di 2, 6, 1, 3, ìyẹn 12, àpapọ̀ á di 54. Ká ní eéje di eéjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdì kejì, àpapọ̀ á di 49. Méjèèjì kò yege, ẹ ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ padà sí orísun.

Ẹ fi fóònù yín gbìyànjú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ `*#06#`, IMEI á jáde. Ẹ dà á kọ, kí ẹ ṣe ìṣirò náà lórí èyí tí ẹ kọ, kì í ṣe lórí èyí tó wà lójú fóònù.

Àmọ́ ìdánwò yìí ní ojú tó fọ́. Kò lè mọ̀ bí 09 bá di 90. Èyí tó sì kan wa jù lọ ni pé kò mọ̀ bí ìdì mẹ́rin-mẹ́rin méjì bá gba ipò ara wọn: 0827 3000 7283 6153 ṣì jẹ́ 50. Pípín ní ìdì ń gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe inú ìdì, ṣùgbọ́n ó ń bí àṣìṣe tirẹ̀, ìyẹn kí a fo ìdì kan tàbí kí a pààrọ̀ méjì. Nítorí náà, lẹ́yìn ìṣirò, ẹ wo òǹkà àkọ́kọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan nìkan lórí orísun àti lórí ẹ̀dà: 0, 7, 3, 6. Kò gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Ní ti owó lórí rìsíìtì, ọgbọ́n mìíràn ni a ń lò. Bí àpapọ̀ yín kò bá bá ti ìwé mu, ẹ yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá 9 pín ìyàtọ̀ náà láìṣẹ́kù. Ìwé ní 54,270, rìsíìtì ní 52,470. Ìyàtọ̀ jẹ́ 1,800. 1 àti 8 jẹ́ 9, a jẹ́ pé 9 pín in. Ó ṣeé ṣe kí òǹkà méjì ti gba ipò ara wọn, bí 42 àti 24 ṣe ṣe níhìn-ín. Òdo tí wọ́n fi kún tàbí tí wọ́n gbàgbé náà ń fún wa ní ohun tí 9 ń pín: 54,000 àti 5,400 fi 48,600 jìnnà síra. Bí 9 kò bá pín in, ẹ má wá ìyípopadà òǹkà, ẹ wá òǹkà tí wọ́n ṣì kọ tàbí ọjà tí wọ́n fò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ iye owó ní ọ̀rọ̀ láìwo òǹkà tí ẹ kọ sórí rìsíìtì, orísun nìkan ni kí ẹ wò. Bí ọ̀rọ̀ àti òǹkà bá ta ko ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ti ṣì.

Ìpele 6: Ohun tí wọ́n máa tẹ̀ jáde

Lórí pósítà, nọ́mbà gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Àlàfo lásán máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣẹ́ ẹ sí méjì ní etí bébà, ìdajì á sì sùn sísàlẹ̀ bíi nọ́mbà mìíràn. Nínú Word, ẹ tẹ `Ctrl+Shift+Space` dípò àlàfo lásán. Lójú ewé ayélujára, ẹ lo ` `. Ẹ yan irú lẹ́tà tí 1 àti 7, 3 àti 8 kò jọra nínú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó láti ibi tí ẹni tó ń kọjá máa dúró sí, kì í ṣe láti iwájú kọ̀ǹpútà.

Rìsíìtì tí ẹ̀rọ fi ooru tẹ̀ á ṣá bó bá pẹ́, 8 á dà bíi 3, 6 á dà bíi 5. Ẹ fi bírò kọ nọ́mbà rẹ̀ sórí bébà mìíràn ní ọjọ́ tí ẹ gbà á, nígbà tó ṣì hàn, kí ẹ sì so méjèèjì pọ̀.

Ẹni tó bá ya pósítà fún yín kò gbọ́dọ̀ tún nọ́mbà tẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá lè fi ránṣẹ́ sí i kó dà á lẹ́dà. Síbẹ̀, ẹ má gbà gbọ́ pé kò tún un tẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan jáde ṣáájú. Ẹ fún ẹni tí kò ní nọ́mbà náà lórí fóònù rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ látorí bébà náà, kó sì pè é lójú yín. Bí fóònù tó yẹ kó dún bá dún, kí wọ́n máa tẹ èyí tó kù.